Ìdí tí ilé ìfọpo Dangote fi dá títa epo ní náírà dúró, àti ohun tó fi kan oníṣòwò kòkó n'Ìjẹ̀bú-Igbó

Ẹ ó rántí ọjọ́ 19 Oṣù Kẹta ọdún 2025. Ọjọ́ yẹn ni ilé ìfọpo Dangote tó wà ní Ìbẹ́jú-Lẹ́kìí kéde pé òun dá títa epo ní náírà dúró ná. Ariwo ta káàkiri. Àwọn kan ní ọkùnrin náà fẹ́ fìyà jẹ aráàlú ni, àwọn mìíràn ní ìjà òun àti NNPC ló dé ojú ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdí tí ilé iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ kọ sínú ìwé tó fi síta kò le rárá. Ó ní náírà tí òun ń gbà lọ́wọ́ àwọn tó ń ra epo ti pọ̀ ju iye epo rọ̀bì tí wọ́n ń tà fún òun ní náírà lọ. Epo rọ̀bì yòókù, dọ́là lòun fi ń rà á. Nítorí náà, ó di dandan kí owó tí òun fi ń tajà bá owó tí òun fi ń ra ọjà mu.

Ohun tó ṣe yẹn lórúkọ láàárín àwọn oníṣirò owó. Ẹ jẹ́ ká pè é ní ààbò àdánidá. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kí èèyàn tó bá ń ná owó ilẹ̀ òkèèrè wá ọ̀nà tí irú owó kan náà yóò fi máa wọlé fún un. Bí dọ́là bá wá gbówó lórí, ohun tó ń ná yóò lọ sókè lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tó ń gbà náà yóò bá a lọ. Kò sí pé ó ń lọ bá báńkì fọwọ́ sí ìwé àdéhùn kankan kó tó lè sùn.

Ìwé àdéhùn yẹn ni ọ̀nà kejì. Ẹ lè lọ bá báńkì pé ẹ máa nílò dọ́là ní oṣù mẹ́fà sí i, kí ẹ jọ fẹnu kò sí iye kan lónìí. Bó bá dìgbà yẹn, iye tí ẹ fẹnu kò sí lẹ ó san, bí dọ́là tilẹ̀ ti fò kọjá òrùlé. Ó dára bí wọ́n bá mú un ṣẹ. Ní Nàìjíríà ńbí, ojú ọ̀pọ̀ oníṣòwò ti rí nǹkan lórí irú àdéhùn bẹ́ẹ̀. Wọ́n san náírà wọn, ọjọ́ pé, dọ́là kò jáde láti Báńkì Àpapọ̀. Gbèsè yẹn wọ bílíọ̀nù 7 dọ́là. Nígbà tó di Oṣù Kejì ọdún 2024, gómìnà Báńkì Àpapọ̀, Ọlayẹmí Cardoso, sọ pé àyẹ̀wò tí àwọn ṣe fi hàn pé nǹkan bíi bílíọ̀nù 2.4 nínú rẹ̀ kò tọ̀nà, pé àwọn ò ní san án. Oṣù Kẹta ọdún kan náà ni wọ́n kéde pé àwọn ti san èyí tó tọ̀nà tán. Ẹni tó ti ń dúró láti ọdún kan sẹ́yìn, ẹ̀yin náà mọ iye tí èlé báńkì ti jẹ lórí ẹ̀ kí ọjọ́ yẹn tó pé. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi ń wá ààbò tí kò sí lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Ká padà sí Dangote, nítorí àwa ará Ogun Waterside kì í ṣe àjèjì sí ọ̀rọ̀ yìí. Olokola, tó wà láàárín ìjọba ìbílẹ̀ wa àti Ìlàjẹ ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, ni wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ kọ́ ilé ìfọpo náà sí kó tó di ti Lẹ́kìí. Ní ọdún 2025, ọkùnrin náà tún sọ pé òun ti fi ìwé sílẹ̀ láti kọ́ èbúté ọkọ̀ òkun ńlá sí Olokola. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ ná.

Agbá epo rọ̀bì 650,000 ni ilé ìfọpo yẹn lè fọ̀ lójúmọ́ bó bá ń ṣiṣẹ́ ní kíkún. Ọjọ́ kìíní Oṣù Kẹwàá ọdún 2024 ni ètò tí wọ́n ń pè ní epo rọ̀bì ní náírà bẹ̀rẹ̀. Ìjọba ní kí NNPC máa ta epo rọ̀bì fún un, kó fi náírà san án, kí òun náà máa ta epo bẹntiróòlù àti dísù fún àwọn alágbàtà ilẹ̀ yìí ní náírà. Oṣù mẹ́fà ni àdéhùn àkọ́kọ́. NNPC sọ ní Oṣù Kẹta ọdún 2025 pé àwọn ti fún un ní agbá tó lé ní mílíọ̀nù 48 lábẹ́ ètò náà. Bí a bá pín in sí ọjọ́, ó jẹ́ nǹkan bíi 300,000 agbá lójúmọ́, kò tó ìdajì ohun tí ilé iṣẹ́ náà lè gbé mì. Ìyókù, ó ń rà á ní dọ́là, títí dé epo rọ̀bì láti Amẹ́ríkà.

Níbi tí náírà tó ń wọlé bá dọ́gba pẹ̀lú náírà tó ń jáde, ara tù wọ́n. Náírà tí alágbàtà san lónìí ni wọ́n máa fi san owó NNPC lọ́la, kò kan pàṣípààrọ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo lítà tí wọ́n bá fọ̀ láti ara epo rọ̀bì tí wọ́n fi dọ́là rà, tí wọ́n wá tà ní náírà, wọ́n gbọ́dọ̀ gbé náírà yẹn lọ sọ́jà kí wọ́n fi ra dọ́là padà. Bí dọ́là bá gun òkè láàárín ọjọ́ tí wọ́n ra epo rọ̀bì àti ọjọ́ tí wọ́n rí dọ́là, àdánù dé nìyẹn. Ẹ̀yà ibi tí kò bára mu yẹn ni wọ́n gé kúrò.

Àwọn tó gbọ́ ìròyìn yìí lórí afẹ́fẹ́ sábà máa ń rò pé, bí NNPC bá gba náírà, iye epo rọ̀bì náà ti di ti náírà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Iye tí wọ́n ń tà á ṣì ń tẹ̀lé ọjà àgbáyé, tí wọ́n ń ṣírò ní dọ́là, wọ́n kàn ń yí i sí náírà kí wọ́n tó san án ni. Nítorí náà, bí dọ́là bá gbówó lórí, iye náírà tí agbá kan ń jẹ yóò gun òkè bákan náà. Ohun tí ètò yẹn mú kúrò ni wàhálà wíwá dọ́là kiri. Iye epo fúnra rẹ̀ kò kúrò lẹ́yìn dọ́là. Wíwá owó àti iye owó, nǹkan méjì ni.

Ohun kejì tí ọ̀rọ̀ Dangote fi hàn wá ni pé ewu yẹn kì í kú, ó kàn ń ṣí láti ilé kan lọ sí ilé kejì. Nígbà tí ilé ìfọpo ní dọ́là lòun fẹ́ gbà, ta ló kù tó ń gba náírà tó sì ń san dọ́là? Alágbàtà epo ni. Òun ló wá di ẹni tó ń sáré wá dọ́là kiri. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, lítà epo kan kọjá ₦900 ní ọ̀pọ̀ ibùdó l'Ékòó, àwa náà sì gbọ́ ọ lára níbí. Ní Oṣù Kẹrin, ìjọba ní ètò náírà náà máa tẹ̀síwájú, ilé ìfọpo náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í ta á ní náírà padà. Ní ìparí Oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, ó tún kéde pé òun fẹ́ dá a dúró nítorí ìdí kan náà, kí wọ́n tó parí ọ̀rọ̀ náà láàárín ọjọ́ péréte. Mo rò pé yóò tún ṣẹlẹ̀, nígbàkígbà tí epo rọ̀bì tí wọ́n ń gbà ní náírà bá ti kéré sí epo tí wọ́n ń tà ní náírà.

Ìdàkejì rẹ̀ náà wà, nítòsí wa níbí sì ni. Nestlé ní ilé iṣẹ́ ní Àgbárá, Ìpínlẹ̀ Ògùn. Náírà ni ìwọ àti èmi fi ń ra Máìlò. Ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ náà ti yá owó dọ́là lọ́wọ́ àwọn òbí rẹ̀ lókè òkun. Ní ọjọ́ 14 Oṣù Kẹfà ọdún 2023, Báńkì Àpapọ̀ tú náírà sílẹ̀, dọ́là kan fò láti nǹkan bíi ₦471 lọ sí ₦664 lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ó sì ti kọjá ₦900 kí ọdún tó parí. Kò sẹ́ni tó dín Máìlò mímu kù lójú ẹsẹ̀, àmọ́ gbèsè yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì ní náírà. Àdánù bílíọ̀nù ₦79.5 ni wọ́n kéde fún ọdún yẹn. Ti MTN Nàìjíríà tún ga jù bẹ́ẹ̀ lọ: pàṣípààrọ̀ nìkan gbé bílíọ̀nù ₦740 lọ, bẹ́ẹ̀ náírà ni gbogbo káàdì tí a ń rà. Ọjà wọn ń tà. Owó tó ń wọlé àti gbèsè tó ń jáde ni kò jọ ara wọn.

Ó yá, ká wá sí Ìjẹ̀bú-Igbó. Ká sọ pé oníṣòwò kan wà níbẹ̀ tó ń ra kòkó jọ lọ́wọ́ àgbẹ̀, tó sì ń kó o lọ sókè òkun fúnra rẹ̀. Kọ́ńtéínà ńlá kan máa ń gba àpò 400, àpò kan jẹ́ kílò 62 àti ààbọ̀, ìyẹn tọ́ọ̀nù 25. Ká ní tọ́ọ̀nù kan ń lọ ní dọ́là 5,000. Kọ́ńtéínà kan á mú dọ́là 125,000 wá. Ó fẹ́ kó kọ́ńtéínà mẹ́ta lọ nínú sáà yìí. Ó sì ti bá àwọn kan lókè òkun sọ̀rọ̀ láti ra ẹ̀rọ tí ń gbẹ kòkó, dọ́là 60,000, tí yóò san ní ẹ̀ẹ̀mẹta, dọ́là 20,000 lẹ́ẹ̀kan: Oṣù Kejìlá, Oṣù Kẹrin àti Oṣù Kẹjọ.

Ẹni tó bá ń wo dọ́là 125,000 á rò pé òun lè gbé gbèsè dọ́là 100,000 sórí kọ́ńtéínà kan. Ibẹ̀ lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà. Owó tó gba ọwọ́ àgbẹ̀, owó ọkọ̀ títí dé Àpápá, owó alábàárù, owó àyẹ̀wò àti èlé báńkì, náírà ni gbogbo rẹ̀. Ká ní àpapọ̀ rẹ̀ lórí kọ́ńtéínà kan jẹ́ mílíọ̀nù ₦150. Bí dọ́là bá wà ní ₦1,500, ó gbọ́dọ̀ ṣẹ́ dọ́là 100,000 kó tó lè san án. Ohun tó kù ni dọ́là 25,000. Dọ́là 25,000 yìí nìkan ló lè fi dojú kọ gbèsè dọ́là. Ẹ̀rọ tó fẹ́ san dọ́là 20,000 lé lórí bọ́ sí i dáadáa, ó sì ku dọ́là 5,000 fún un láti fi ṣe ohun tó bá wù ú.

Ó wá fi dọ́là 20,000 yẹn sílẹ̀ nínú àkáǹtì dọ́là tó gba owó ọjà, kò ṣẹ́ ẹ. Bí dọ́là bá di ₦1,800 kí Oṣù Kẹrin tó dé, dọ́là 20,000 ṣì wà níbẹ̀, ó kàn fi san gbèsè ni. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ṣẹ́ gbogbo tiẹ̀ ní ₦1,500 ní mílíọ̀nù ₦30 lọ́wọ́, àmọ́ mílíọ̀nù ₦36 ló máa fi ra dọ́là 20,000 padà. Mílíọ̀nù ₦6 ti lọ lórí ìdá kan ṣoṣo. Bí náírà bá wá lágbára ńkọ́, tí dọ́là wálẹ̀ sí ₦1,350? Ọ̀rẹ́ á máa rẹ́rìn-ín pé òun jèrè mílíọ̀nù ₦3. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n tẹ́tẹ́ ló ta, ó wulẹ̀ jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan yìí ni. Ẹni àkọ́kọ́ kò jèrè, kò pàdánù, ohun tó sì ń wá gan-an nìyẹn.

Lórí bí wọ́n ṣe ń ṣe é: kí ẹrù tó jáde, báńkì ló máa ń bá yín kún fọ́ọ̀mù NXP, nítorí ibẹ̀ ni Báńkì Àpapọ̀ ti ń mọ̀ pé owó kan ń bọ̀. Láàárín ọjọ́ 180 sí ọjọ́ tí ọkọ̀ òkun gbé ẹrù, owó ọjà tí kì í ṣe epo rọ̀bì gbọ́dọ̀ ti wọ àkáǹtì dọ́là tí wọ́n ṣí fún owó ọjà òkèèrè. Èyí yàtọ̀ sí àkáǹtì dọ́là lásán tí èèyàn lè gbé owó wọlé wọ̀de ní báńkì. Láti inú rẹ̀ ni ẹ ti lè san owó ẹ̀rọ, àmọ́ fọ́ọ̀mù M ti ẹ̀rọ náà gbọ́dọ̀ ti wà ní báńkì kí ẹ̀rọ tó kúrò lọ́hùn-ún. Ẹni tó bá gba owó kòkó sí àkáǹtì ọmọ ìyá rẹ̀ ní London kí ó má baà kún ìwé, kò ní rí i fi san ẹ̀rọ bó ṣe yẹ, ó sì ti rú òfin.

Ẹ má rò pé ó tán síbẹ̀ o. Àkókò ni ohun àkọ́kọ́ tó ń ba ètò yìí jẹ́. Oṣù Kẹwàá sí nǹkan bí Oṣù Kìíní ni kòkó ń pọ̀ jù lọ́dọ̀ wa. Gbèsè Oṣù Kẹjọ bọ́ sí ìgbà tí kọ́ńtéínà ò lọ mọ́. Bí oníṣòwò wa bá ti fi dọ́là Oṣù Kẹta ra ọkọ̀, tó ní òun á rí òmíràn kó tó di Oṣù Kẹjọ, kò ní ààbò kankan mọ́. Ẹ fi owó tọ́jú de gbèsè, kí ẹ kọ orúkọ gbèsè náà sí i lára. Kí ẹrù sì jókòó sí Àpápá fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, nǹkan tó ń ṣẹlẹ̀ ni. Ẹni tó fi owó kọ́ńtéínà Oṣù Kọkànlá sọ́kàn fún gbèsè Oṣù Kejìlá ti há.

Èkejì le jù ú lọ. Dọ́là ni gbèsè, dọ́là ni owó kòkó, wọ́n bára mu. Ṣùgbọ́n iye kòkó fúnra rẹ̀ kì í dúró. Ní Oṣù Kejìlá ọdún 2024, tọ́ọ̀nù kòkó kan kọjá dọ́là 12,000 lọ́jà New York. Kí ọdún 2025 tó parí, ó ti já sí ìdajì tàbí kó dín jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ká ní oníṣòwò wa ti ra kòkó sílẹ̀, ó ti ná mílíọ̀nù ₦150 náà, ọjà wá já láti dọ́là 5,000 sí 4,200. Kọ́ńtéínà rẹ̀ mú dọ́là 105,000 wá. Nígbà tó bá san ti náírà tán, dọ́là 5,000 ló kù. Gbèsè ẹ̀rọ sì jẹ́ dọ́là 20,000. Ó ku dọ́là 15,000, náírà ò sì ṣe nǹkankan láti ọjọ́ yìí! Ààbò àdánidá ń gbà yín lọ́wọ́ pàṣípààrọ̀, kò gbà yín lọ́wọ́ iye ọjà. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí èèyàn ṣírò gbèsè rẹ̀ lórí iye kòkó tó kéré jù tó rò pé ó lè rí, kó má jẹ́ ti ọjọ́ tí ọjà gbóná.

Owó náà gbọ́dọ̀ jẹ́ irú kan náà, ìyẹn ò pẹ́ sọ. Ọjà kòkó London, pọ́ùn ni wọ́n ń pè é. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ láti Yúróòpù, yúrò ni. Ẹni tó gba pọ́ùn láti san yúrò ti sún mọ́ ọn, ṣùgbọ́n wọn kì í rìn pọ̀ nígbà gbogbo.

Àgbẹ̀ tí kò rí dọ́là rí láyé rẹ̀ ńkọ́? Lójú mi, òun gan-an ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ dùn jù. Náírà ni wọ́n ń san fún un lẹ́nu oko, síbẹ̀ iye tí wọ́n ń pè ń tẹ̀lé dọ́là. Oògùn tí ó ń fọ́n sí igi kòkó nígbà òjò, òkè òkun ló ti ń wá, iye rẹ̀ náà ń tẹ̀lé dọ́là. Ìnáwó àti èrè rẹ̀ ń gòkè pọ̀, wọ́n ń sọ̀ pọ̀. Ó ti ní ààbò yìí láìmọ̀. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ló rí látẹ̀yìnwá. Nígbà ayé àwọn bọ́ọ̀dù tó ń ra kòkó, ìjọba ló ń fi iye kan lélẹ̀ fún sáà, ohunkóhun tó bá ṣẹlẹ̀ lókè òkun kò kan àgbẹ̀. Wọ́n gé okùn yẹn. Ọdún 1986 ni wọ́n tú bọ́ọ̀dù ká, ọdún náà gan-an ni náírà já wálẹ̀ gidigidi lójú dọ́là. Owó kòkó ní náírà sì fò sókè, tí àwọn tó ti pa oko tì sáré padà sínú igbó. Àwọn àgbàlagbà wa ní Ìjẹ̀bú-Igbó mọ ọdún yẹn dáadáa.

Ẹni tí kò ní ààbò kankan ni ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń tẹ ìwé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ẹnu ọ̀nà OOU ní Àgọ́-Ìwòyè. Náírà ló ń gbà. Náírà ló tún fi ń ra tónà àti bébà lọ́wọ́ àwọn alájà Ìjẹ̀bú-Òde, nítorí náà ó lè máa rò pé ọ̀rọ̀ dọ́là ò kan òun. Kó mú ìwé kékeré kan, kó kọ gbogbo ohun tó ń rà sí apá kan, ohun tó ń tà sí apá kejì, kó wá bi ara rẹ̀ lórí ìlà kọ̀ọ̀kan: bí dọ́là bá fi ₦100 gòkè lónìí, ṣé èyí á gòkè láàárín oṣù kan? Tónà, bẹ́ẹ̀ ni. Bébà, bẹ́ẹ̀ ni. Epo jẹnẹrétọ̀, bẹ́ẹ̀ ni. Ojú ìwé kan tí akẹ́kọ̀ọ́ ń tẹ̀? Rárá, wọ́n á sá lọ sí ṣọ́ọ̀bù kejì. Dọ́là ló ń ná láìrí i, kò sì sí dọ́là kankan tó ń bọ̀ wá pàdé rẹ̀. Ohun tó kù fún un ni kó má ṣe gba tónà láwìn lọ́wọ́ ẹni tó máa sọ pé iye ọjọ́ tó bá fẹ́ san ni wọ́n á gbà, kó sì ra èyí tí yóò lò tó sáà kan sílẹ̀ nígbà tí owó bá wà lọ́wọ́, ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé.